Lẹ́tà Àǹtí Nọ́ọ̀sì: gírámà dáa tán, òótọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù

Ẹ fà síbí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ tí nọ́ọ̀sì kan bá wà nínú ẹbí yín tó ń múra àtilọ sí UK, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀ ni mẹ́sẹ́èjì wọlé lórí Wásáàpù mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọsibítù kan ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà tí àìsàn wọn ò la iṣẹ́ abẹ lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, irú ẹ̀. Ó ní:

"Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Jọ̀ọ́, bá mi tún gírámà lẹ́tà yìí ṣe, kó sì máa ṣàn dáadáa. Ọ̀la ni wọ́n máa ti pọ́tàlì."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, mà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wo? Aago méjì òru kọjá kí a tó sùn. Èmi tí mo ní dìgírì, tí mo ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ jẹun lórí ayélujára, èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ba nǹkan jẹ́. Gírámà tiẹ̀ ò dáa, àmọ́ òótọ́ ló kọ. Gírámà tèmi dán bíi dígí, ó sì ti ń di irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un.

Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí àjọ WHO kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó. Torí ìyẹn, ìlànà ìjọba UK ni pé kí ọsibítù wọn tàbí ajẹ́ńtì má wá máa fa nọ́ọ̀sì jáde lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ tí nọ́ọ̀sì bá fúnra ẹ̀ rí iṣẹ́ tí wọ́n polówó, tó sì fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí i, kò rú ìlànà kankan. Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń ṣe nìyẹn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi bébà tó bá kọ.

Ó ti ṣe gbogbo èyí tó kù. Ó ti yege OET: B nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, C+ nínú kíkọ, iye tí àjọ NMC ń béèrè gan-an. Ó ti yege CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Òfin tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì wa gbé jáde ní 2024, pé kí èèyàn ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, kò kàn án, torí láti 2018 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. OSCE, ìdánwò ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe ní UK, ló máa kù tó bá débẹ̀. Ẹni tó máa gbà á síṣẹ́ ló kù.

Ẹ wo C+ nínú kíkọ yẹn dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé kò gbọ́ Òyìnbó. Ó gbọ́ ọ, ó ń sọ ọ́, ó ń fi í gba àṣẹ lẹ́nu dókítà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé Yorùbá ló fi ń ronú, ó wá ń fi Òyìnbó kọ ọ́. Gbogbo àṣìṣe inú lẹ́tà náà, mo lè fi ìka tọ́ka sí Yorùbá tó wà nídìí ẹ̀. Lẹ́tà náà ò sí níbí o, èmi ni màá máa fi Yorùbá sọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: ó kí Sà àti Mà, ó ní òun lérò pé lẹ́tà òun bá wọn nínú àlàáfíà. Ó wá ní láti kékeré lòun ti nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ó ní, "Ṣé n ò ní kí wọn ni?"

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ kí wọn. Àmọ́ kì í ṣe ìkíni ni wọ́n ń fún ní máàkì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ìpolówó iṣẹ́ NHS máa ń wá pẹ̀lú àkójọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Apá kan ni dandan, apá kejì ni èyí tó bá wà, ó dáa. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yín gbé àkójọ yẹn síwájú, ó ń wá ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ láti kékeré ò sí nínú ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni: kí o lè rí i nígbà tí ara aláìsàn bá ń bàjẹ́, kí o mọ ìgbà tó yẹ kí o pe ẹni tó jù ọ́ lọ, kí àkọsílẹ̀ rẹ péye, kí o lè bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Mẹ́rin yìí la dojú kọ.

Ó kù bí a ṣe máa tún gbólóhùn ṣe. Àwọn tó rọrùn la kọ́kọ́ ṣe.

Ó kọ̀wé nípa ìyá kan tó ń gba ìtọ́jú. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, obìnrin ni. Nínú ìkejì, ìyá ti di ọkùnrin. Nínú ìkẹta, ó tún di obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. "Ó" kan ṣoṣo la ní, ó wà fún bàbá, ó wà fún ìyá, ó wà fún ewúrẹ́ pàápàá. Òyìnbó ló ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin ní gbogbo ìgbà tó bá ti lanu. Lẹ́nu, àwọn èèyàn á gbójú fò ó. Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, ó máa dà bí ẹni pé o ò mọ aláìsàn tí ò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, tàbí pé aláìsàn méjì lo dà pọ̀.

Ìkejì: ó ní mátírọ́ọ̀nù òun, "wọ́n" máa ń gbé àwọn tuntun lé òun lọ́wọ́ kí òun kọ́ wọn. Ọ̀wọ̀ ni. Ta ló máa pe mátírọ́ọ̀nù ní "ó"? Àmọ́ bó ṣe bọ́ sí Òyìnbó, mátírọ́ọ̀nù kan ti di ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó ń kà á á sì máa wò ó pé àwọn wo? Àwọn tuntun yẹn náà ń jẹ́ "wọn" nínú gbólóhùn kan náà. A dá mátírọ́ọ̀nù padà sí ẹnì kan, ọ̀wọ̀ sì wà lára bí a ṣe pe ipò ẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ìkẹta. Ó fẹ́ sọ pé "mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 2018." Yorùbá gidi nìyẹn, kò sí àléébù kankan lára ẹ̀. Ó wá kọ ọ́ ní Òyìnbó bó ṣe wà, ó sì di àṣìṣe, torí Òyìnbó ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ tó fi ń sọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tí kò tíì tán. Èmi ọ̀gá gírámà, kí ni mo ṣe? Mo sọ ọ́ di "mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀", èyí tó ti kọjá lọ. Ó kúrú, ó mọ́, ó ń ṣàn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní, "Ṣé eléyìí ò sọ pé mo ti kúrò níbẹ̀?"

Mo tún un kà. Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá kà á máa rò pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ti ń ṣe látìgbà náà. Wọ́n máa ń béèrè àlàfo tó bá wà láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Èmi ni mo fi lẹ́tà mélòó kan ṣẹ̀dá àlàfo fún ẹni tí kò jókòó sílé rí. Mo dá a padà sí ọ̀nà tí Òyìnbó fi ń sọ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń lọ lọ́wọ́.

Látìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù. Mi ò tún dá ṣe é mọ́.

Ibi tó le jù ló kàn. Àkàwé kan wà nínú lẹ́tà náà, gbólóhùn kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ní: "A rí i pé ara aláìsàn náà ò dá, a ṣe ohun tó yẹ, ara ẹ̀ sì yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Mo ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún mi. Ẹ gbọ́. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ìyá náà mọ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún bẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n. Ìyá kan tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba ínsúlíìnì, kò jẹun alẹ́ tán. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọmọ ẹ̀ sáré wá pè wọ́n. Òógùn bo ìyá náà, ara ẹ̀ tutù, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ọmọ ẹ̀ ti ń gbàdúrà, ó ní wọ́n ń bá màmá òun jà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òun ò bá a jiyàn, òun kàn gún ìka ìyá náà, òun dán ṣúgà ẹ̀ wò. Ẹ̀rọ fi 38 hàn.

Ó pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ nọ́ńbà yẹn, ó sọ pé ìyá náà gba ínsúlíìnì ìrọ̀lẹ́ tí kò sì jẹun tán, ó sọ pé kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Dókítà pàṣẹ gúlúkóòsì sínú iṣan, ó sì ní òun ń bọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fún ìyá náà, ẹnì kejì ẹ̀ dúró tì í. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó tún dán an wò: 97. Ìyá náà béèrè ìdí tí gbogbo wọn fi yí òun ká. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Nígbà tí àwọn tàárọ̀ dé, ó sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí dókítà tún ínsúlíìnì ìrọ̀lẹ́ yẹn yẹ̀ wò.

Mo ní, "Àǹtí mi! Ẹ ní irú èyí, ẹ wá fi sí ìsàlẹ̀? Ẹ tún ní 'a ṣe ohun tó yẹ'?"

Ó ní, "Ṣé kí n wá máa yin ara mi ni?"

Ẹ rí i, wọ́n ti tọ́ wa báyìí: ọmọ tó dáa kì í fẹnu ara ẹ̀ yin ara ẹ̀. "Mo" máa ń wúwo lẹ́nu wa. Nítorí náà "a" la máa ń lò. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì ò lè mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ nínú "a". Ta ló dán ṣúgà wò? Ta ló pe dókítà? Mo ní kì í ṣe ìyìn, ìròyìn ni, bó ṣe ń kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn. Ìyẹn ló yé e. Ó ní, "Ó dáa, bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú fáìlì ni ká ṣe kọ ọ́."

Ayọ̀ gbé mi. Mo gba lẹ́tà náà, mo tún un kọ, mo fi ránṣẹ́. Nínú tèmi: ó jẹ́ alábòójútó wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n, ó ṣàwárí àìsàn náà, ó wò ó sàn, ó gba ẹ̀mí ìyá náà là. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn ún kà.

Kò fèsì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wá pè mí. Ohùn ẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Àbúrò, ta ni alábòójútó wọ́ọ̀dù? Mátírọ́ọ̀nù ni. Èmi ni mo ṣíwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ta ló wò ó sàn? Dókítà ló pàṣẹ oògùn, èmi ni mo fún un. Tí wọ́n bá pè mí, tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣètò owó wọ́ọ̀dù àti ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, kí ni n ó sọ? Tí mo bá sì ní mo fún aláìsàn ní gúlúkóòsì láìsí àṣẹ, wọ́n máa ní mi ò mọ ibi tí iṣẹ́ mi mọ."

Ara mi tutù. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Yorùbá ló tún wà nídìí ẹ̀, lọ́dọ̀ tèmi lọ́tẹ̀ yìí. "Tọ́jú" tiwa gba gbogbo ẹ̀: dókítà ń tọ́jú aláìsàn, nọ́ọ̀sì ń tọ́jú aláìsàn, ọmọ ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Òyìnbó ya èyí tó ń sọ pé o fi oògùn wo àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń sọ pé o dúró ti aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mójú tó wọ́ọ̀dù". Ní Òyìnbó, orúkọ ipò ni ọ̀kan, ó sì ju báǹdì 5 tó ń wá lọ. Ohun tó o ṣe lóru ọjọ́ kan ni èkejì. Mo kàn mú èyí tó dún dáa jù. Àmọ́ ẹ̀tọ́ àtiṣe nọ́ọ̀sì ni yóò fi dí i. Ẹni tó bá parọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé iwájú NMC. Orúkọ tèmi ò sí lórí lẹ́tà yẹn o. Orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀.

A wá jọ kọ ọ́. Ohun tí lẹ́tà náà sọ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Ní wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n, èmi ni nọ́ọ̀sì tó ṣíwájú lálẹ́ ọjọ́ kan tí aláìsàn kan tó ń gba ínsúlíìnì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì dàrú. Mo dán ṣúgà ẹ̀ wò, ó jẹ́ 2.1 mmol/L. Mo pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì fún un ní gúlúkóòsì sínú iṣan gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe pàṣẹ. Nígbà tí mo tún un dán wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti di 5.4, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ti já gaara. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo sì ní kí àwọn tàárọ̀ jẹ́ kí wọ́n tún ínsúlíìnì ẹ̀ yẹ̀ wò."

Ẹ wò ó, kò sí "gba ẹ̀mí là" níbẹ̀. Kò sí orúkọ ìyá náà, kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, tó wà nínú àkọ́kọ́ tí a sì yọ. Àṣírí aláìsàn ò gbọdọ̀ jáde nítorí pé o ń wáṣẹ́.

Ẹ sì ti ń bi mí pé ibo ni 38 wọ̀. Èyí ni mi ò bá má mọ̀ láé tí kì í bá ṣe òun. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní wọ́ọ̀dù wọn ń ka ṣúgà ní mg/dL. UK ń kà á ní mmol/L. Láti lọ sí tiwọn, ẹ pín in sí 18:

```
38 ÷ 18 = 2.1
97 ÷ 18 = 5.4
```

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a jọ kọ, mo fi 38 sílẹ̀ láìsí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní nọ́ńbà ni nọ́ńbà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì pariwo. Lójú nọ́ọ̀sì UK, kó tó di pé ṣúgà wálẹ̀ jù fún ẹni tó ń gba ínsúlíìnì, ó máa ti wá sí ìsàlẹ̀ 4. 38 wá jẹ́ ṣúgà tó ga kọjá àfẹnusọ. Ẹni tó bá kà á máa rí nọ́ọ̀sì kan tó bá aláìsàn pẹ̀lú ṣúgà 38, tó wá tún da gúlúkóòsì sí i lára! Ohun tó ṣe tó dáa jù láyé ẹ̀ á wá dà bí ìpànìyàn. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn yẹn o.

Ohun kan ló kù. Nínú lẹ́tà ẹ̀, gbólóhùn kan wà tí Òyìnbó inú ẹ̀ dáa jù gbogbo ìyókù lọ: pé lójoojúmọ́ lòun ń lo NEWS2, òǹkà tí UK fi ń mọ̀ bóyá ara aláìsàn ń bàjẹ́. Mo bi í, "Ṣé ẹ máa ń lò ó ní wọ́ọ̀dù yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́tà ọ̀rẹ́ òun kan lòun ti mú un, gbogbo wọn ló ń pín in kiri. Mo ní kí ló ń lò gan-an? Ó ní òun ń wọn ìfúnpá, ìlù ọkàn, èémí, ara gbígbóná àti atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, òun ń kọ ọ́ síbi kan náà, tí òun bá rí i pé ó ń yí, òun á pe dókítà. Àti pé òun ti ń fi NEWS2 dánra wò nílé nítorí OSCE. Mo ní ká kọ ìyẹn bó ṣe wà. Ẹni tó mọṣẹ́ á rí i pé ohun kan náà ló ń ṣe, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ló yàtọ̀.

A fi í ránṣẹ́ ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí a tó fi í ránṣẹ́, mo kà á sókè fún un lórí fóònù, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", a kọjá. Tó bá ní "hmm", a dúró. "Hmm" méje la ní. Kò sí ọ̀kan nínú méje yẹn tó jẹ́ gírámà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò. Ó ní ìbéèrè kejì tí wọ́n bi òun ni pé kí ló dé tí òun fi dán ṣúgà wò kí òun tó pe dókítà. Ó ní òun ò tiẹ̀ ronú. Òun kàn rí ìyá náà lójú, òógùn tó bò ó, ọmọ ẹ̀ tó ń gbàdúrà, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Wọn ò tíì fèsì bí mo ṣe ń kọ èyí. Fóònù ẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Lánàá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ni gbólóhùn NEWS2 yẹn fi lẹ́tà tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n bá òun wo gírámà ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè pè yín?"